Àròpọ̀ tí kò gbọ́ ti fíltà: ibi tí SUBTOTAL ti tó, àti ibi tí AGGREGATE ti wúlò

*Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní àkọsílẹ̀ ọjà ẹ̀ka mẹ́ta nínú Excel. Bí mo bá fi fíltà mú Ìbàdàn nìkan, àwọn ìlà yòókù á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n SUM tó wà nísàlẹ̀ kò ní yí padà. Owó gbogbo ẹ̀ka ló ṣì ń gbé wá. Ẹnìkan ní kí n lo SUBTOTAL 9, ẹlòmíràn ní 109, ẹnì kẹta ní AGGREGATE. Èwo ni kí n mú nínú wọn, kí ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀?*

SUBTOTAL pẹ̀lú nọ́ńbà 109 ni kí ẹ mú. Ẹni tó ní kí ẹ lo 9 kò purọ́, nítorí 9 náà máa ń gbọ́ ti fíltà; ibi tí òun àti 109 ti pínyà kò kan fíltà rárá. Ní ti AGGREGATE, ìgbà tí àṣìṣe bíi `#N/A` bá wọ inú òpó owó ni yóò wúlò fún yín jù.

SUM ò ṣẹ̀ yín o. Fíltà kì í pa ìlà rẹ́, ó kàn ń fi í pamọ́ kí ojú má baà rí i ni. Nọ́ńbà tó wà nínú ìlà yẹn ṣì wà ní ìjókòó rẹ̀, bí ẹ bá sì ti ní kí SUM ro láti E5 dé E12, gbogbo rẹ̀ ni yóò rò. AVERAGE, COUNT, MAX àti MIN kò yàtọ̀ sí i. Kò sí ibi kankan tí ẹ lè tẹ̀ nínú Excel tí yóò sọ SUM di ohun tó ń wo fíltà. Fọ́múlà fúnra rẹ̀ ni a ó pààrọ̀.

Ẹ wo ṣíìtì kékeré yìí. Àkọlé òpó wà ní ìlà 4, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 5. Mo fo òpó ọjọ́ (A) àti òpó iye àpò (D), kí ó má baà gùn jù.

| Ìlà | Ẹ̀ka (B) | Ọjà (C) | Owó ní náírà (E) |
|---|---|---|---|
| 5 | Ibadan | iresi | 180,000 |
| 6 | Ibadan | ewa | 95,000 |
| 7 | Oyo | iresi | 240,000 |
| 8 | Ibadan | gari | 60,000 |
| 9 | Sagamu | iresi | 310,000 |
| 10 | Oyo | gari | 45,000 |
| 11 | Ibadan | iresi | 125,000 |
| 12 | Sagamu | ewa | 85,000 |

Mo kọ orúkọ wọn láìsí àmì ohùn nítorí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíìtì nìyẹn. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣáà má pa méjèèjì pọ̀. Lójú fíltà, `Ibadan` àti `Ìbàdàn` kì í ṣe ọ̀kan náà, ìlà tí ẹ bá kọ lọ́nà kejì kò sì ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àròpọ̀ kúrò nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e sókè àkọlé, kí ìlà kan sì ṣófo láàárín wọn. Tí àròpọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìdí ọjà, Excel lè kà á mọ́ ọjà. Bí ẹ bá wá mú Ibadan, ìlà àròpọ̀ kò ní `Ibadan` nínú òpó B, òun náà á sì pòórá. Lókè, kò sí fíltà tó lè fọwọ́ kàn án, ẹ ó sì máa rí i láìsí pé ẹ ń yí ṣíìtì lọ sísàlẹ̀. Ẹ kọ èyí sí E1:

```
=SUM(E5:E12)
```

kí ẹ sì kọ èyí sí E2:

```
=SUBTOTAL(109,E5:E12)
```

Ní D1, ẹ kọ “Gbogbo ọjà”; ní D2, ẹ kọ “Èyí tó hàn”. Má ṣe fo àkọlé méjì yìí, torí ẹni tó bá gba ṣíìtì náà lọ́wọ́ yín kò ní mọ̀ pé nọ́ńbà E2 máa ń yí padà bí fíltà bá ṣe yí. Ó lè dà á kọ sínú ìwé owó gẹ́gẹ́ bí owó gbogbo ẹ̀ka.

Ó ku kí ẹ dán an wò. Ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọjà, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+L`, ọfà kékeré á yọ sára àkọlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ọfà tó wà ní B4, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `(Select All)`, ẹ fi sí `Ibadan`, kí ẹ tẹ `OK`. Ìlà 5, 6, 8 àti 11 ló máa kù. E1 á ṣì dúró lórí 1,140,000, E2 á sì bọ́ sí 460,000. Ẹ fi ọwọ́ rò ó wò: 180,000 àti 95,000 àti 60,000 àti 125,000.

Nísinsìnyí, ẹ yí 109 inú E2 padà sí 9. 460,000 náà ni yóò gbé jáde. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé 9 ń ka ohun tó pamọ́. Ìlà tí fíltà bá gbé pamọ́, 9 àti 109 kì í kà á. Ìlà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ ni wọ́n ti ń yàtọ̀, ìyẹn bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ìlà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún másù, tí ẹ sì mú `Hide`. Ẹ yọ fíltà kúrò pátápátá, kí ẹ fi ìlà 8 pamọ́ lọ́nà yẹn. Èyí tó ní 9 á ṣì gbé 1,140,000 wá, èyí tó ní 109 á gbé 1,080,000 wá. Gàrí 60,000 tó wà ní ìlà 8 ló ṣe ìyàtọ̀ àárín wọn.

Ìlà tí ẹ bá fi `Group` kó pọ̀, tí ẹ sì fi àmì ìyọkúrò ẹ̀gbẹ́ ṣíìtì pa dé, ìlà tí a fọwọ́ pamọ́ ni Excel ń kà á sí. Nítorí náà 9 á kà á, 109 á fò ó. Bí ẹ bá ń fi ìlà pamọ́ kí ìwé lè gba ojú kan tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n tí owó ibẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ wọ inú àròpọ̀, 9 ni kí ẹ lò. Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ bá jẹ́ pé kí àròpọ̀ bá ohun tí ojú rí mu, 109 ni. Ní tèmi, mi ò rí ìdí tí àkọsílẹ̀ ọjà lásán fi yẹ kó lo 9.

Nọ́ńbà iwájú yẹn ló ń sọ irú iṣẹ́ tí SUBTOTAL máa ṣe. 101 ń wá ìṣirò àárín, 102 ń ka sẹ́ẹ̀lì tó ní nọ́ńbà, 103 ń ka sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣófo, 104 ń mú èyí tó pọ̀ jù, 105 ń mú èyí tó kéré jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìlà tó hàn, 103 lórí òpó B ló dáa jù, nítorí orúkọ ẹ̀ka ló wà níbẹ̀, 102 kì í sì í ka ọ̀rọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá SUBTOTAL pàdé láìmọ̀. Bí fíltà bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọjà, tí ẹ wá tẹ `Alt+=` nísàlẹ̀ òpó owó, Excel kì í kọ SUM mọ́, `=SUBTOTAL(9,...)` ló máa kọ. Bí fíltà kò bá sí, SUM ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè tẹ bọ́tìnì kan náà lórí ṣíìtì kan náà, kí fọ́múlà tiwọn má sì bára mu. Bí ẹ bá sì fi `Ctrl+T` sọ ọjà di tábìlì, tí ẹ tẹ `Ctrl+Shift+T` fún ìlà àròpọ̀ rẹ̀, 109 ni tábìlì ń lò. Tábìlì tún ní àǹfààní mìíràn: bí ẹ bá kọ ọjà tuntun sí ìdí rẹ̀, fọ́múlà á nà dé ibẹ̀. `E5:E12` tí a kọ sókè yẹn kò ní mọ̀ pé ìlà 13 wà.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń sọ Faransé, bíi ti àwọn èèyàn wa ní Kùtọnu tàbí Lomé, orúkọ fọ́múlà náà á yí padà, àmì `;` ló sì máa ń wà níbi tí kọ́mà wà:

```
=SOUS.TOTAL(109;E5:E12)
=AGREGAT(9;3;E5:E12)
```

Ká wá dé ọ̀dọ̀ AGGREGATE. Ẹ jẹ́ ká gbà pé owó inú òpó E kì í ṣe èyí tí a fọwọ́ tẹ̀, pé iye àpò ni a fi ń sọ owó àpò kan di púpọ̀, VLOOKUP ló sì ń lọ mú owó àpò náà wá láti inú ìwé iye owó. Ẹ̀ka Ọ̀yọ́ kò tíì fi owó gàrí sínú ìwé yẹn, E10 bá di `#N/A`. Ẹ fi fíltà mú Ibadan, E2 ṣì ń sọ 460,000 nítorí ìlà 10 ti pamọ́, ṣùgbọ́n E1 tí SUM wà nínú rẹ̀ ti di `#N/A`, ẹ ò sì ní rí ìlà tó fà á lójú ṣíìtì. Ẹ yọ fíltà, E2 náà á di `#N/A`. SUBTOTAL kò lè fo àṣìṣe tó bá wà nínú ìlà tó hàn.

```
=AGGREGATE(9,3,E5:E12)
```

9 ibí yìí túmọ̀ sí àròpọ̀, bíi ti SUBTOTAL. AGGREGATE kò ní 109. Nọ́ńbà kejì ló ń sọ ohun tó máa fò. 5 máa ń fo ìlà tó pamọ́, ìbáà jẹ́ fíltà ló fi í pamọ́ tàbí ọwọ́. 6 máa ń fo àṣìṣe nìkan. 7 máa ń fo méjèèjì. 3 máa ń fo méjèèjì, á sì tún fo SUBTOTAL àti AGGREGATE mìíràn tó bá wà láàárín òpó náà. Àwọn tó ń wá fọ́múlà kiri sábà máa ń da `AGGREGATE(9,6,...)` kọ. Àṣìṣe á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n 6 kì í fo ìlà tó pamọ́, wọ́n á sì padà sí ìṣòro tí ẹ gbé wá gan-an. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 3. Bí àròpọ̀ kékeré fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá wà láàárín òpó E, tí SUBTOTAL sì ni wọ́n fi kọ ọ́, 7 á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, 3 kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. SUBTOTAL fúnra rẹ̀ náà máa ń fo SUBTOTAL ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn àròpọ̀ kékeré wọ̀nyẹn bá jẹ́ SUM, kò sí èyí tó máa fò wọ́n nínú gbogbo wọn, ilọ́po méjì owó yín ni ẹ ó máa rí.

Láìsí fíltà, fọ́múlà òkè yìí á gbé 1,095,000 wá. 45,000 ti jábọ́, kò sì sí ohun kankan lójú ṣíìtì tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn sáré lọ bá AGGREGATE kó tó mọ ìlà tó ní àrùn. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó máa ka iye àṣìṣe tó wà nínú òpó, yálà wọ́n hàn tàbí wọn ò hàn:

```
=SUMPRODUCT(--ISERROR(E5:E12))
```

Bí ó bá ti kọjá 0, kí ẹ má tíì fi àròpọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

AGGREGATE tún mọ iṣẹ́ tí SUBTOTAL kò mọ̀. `=AGGREGATE(14,5,E5:E12,2)` á mú owó kejì tó pọ̀ jù nínú èyí tó hàn. Nígbà tí fíltà bá wà lórí Ibadan, 125,000 ni. Ṣùgbọ́n ìlà tó pamọ́ kì í ṣe ohun tó ń fò mọ́ bí ẹ bá fi ìṣirò sínú bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bíi `E5:E12*D5:D12`. Sẹ́ẹ̀lì gidi ló ń fẹ́. Kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà sínú òpó tirẹ̀. Láti Excel 2010 ni AGGREGATE ti wà. Google Sheets ní SUBTOTAL, 109 rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n AGGREGATE kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé èyí lọ́dọ̀ yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n: “Mo fẹ́ owó ìrẹsì nìkan nínú èyí tó hàn.” SUMIFS ni ẹ máa kọ́kọ́ rò, òun náà kò sì gbọ́ ti fíltà, 855,000 ló máa gbé wá, ìyẹn owó ìrẹsì ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣe òpó ìrànlọ́wọ́ kan sí F. Ní F5, ẹ kọ:

```
=AGGREGATE(3,5,B5)
```

kí ẹ fà á dé F12. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo: 1 bí ìlà náà bá hàn, 0 bí ó bá pamọ́. Òpó B ni mo tọ́ka sí nítorí kì í ṣófo. Bí ẹ bá tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì tó lè ṣófo, ìlà tó hàn á máa gba 0. SUMIFS á wá rí ohun tó lè dì mú:

```
=SUMIFS(E5:E12,C5:C12,"iresi",F5:F12,1)
```

Pẹ̀lú Ibadan, 305,000 ni, láti ìlà 5 àti 11.

Ẹ̀yin náà lè bi mí pé ṣé SUBTOTAL 103 kò lè ṣe iṣẹ́ òpó F yẹn ni. Ó lè ṣe é nínú tábìlì. Lórí ṣíìtì lásán, ó ní ìwà kan tó ti ń fi orí fífọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: bí Excel bá rí SUBTOTAL nínú ìlà tó kẹ́yìn, ó lè rò pé ìlà àròpọ̀ nìyẹn, kò sì ní fi fíltà mú un. Ẹ ó fi fíltà mú Ibadan, Ṣágámù ìlà 12 á sì jókòó síbẹ̀ láìlọ, owó rẹ̀ 85,000 á wọ inú àròpọ̀, E2 á wá di 545,000. Bí ẹ bá ti rí ìlà ìkẹyìn kan tí kò gbọ́ ti fíltà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. AGGREGATE kì í fa irú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí nọ́ńbà kò ṣì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi másù yan owó tó hàn nínú òpó E, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá ojú Excel níbi tí `Sum` ti máa ń hàn. Bí fíltà bá wà, ohun tó hàn nìkan ni ibẹ̀ ń rò. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ àti E2 kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí fọ́múlà yín má dé ìlà tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí owó kéré sí èyí tí ẹ fọwọ́ rò, owó kan wà níbẹ̀ tí Excel ń kà sí ọ̀rọ̀, bí irú èyí tí a dà kọ láti inú WhatsApp pẹ̀lú àmì ₦ tàbí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi `=SUBTOTAL(102,E5:E12)` àti `=SUBTOTAL(103,E5:E12)` wò ó. Iye tí èkejì bá fi ju àkọ́kọ́ lọ ni iye sẹ́ẹ̀lì tó hàn tí kì í ṣe nọ́ńbà.

Bí E2 bá sì dúró gbagidi lórí nọ́ńbà kan bí ẹ ṣe ń yí fíltà, tí fọ́múlà inú rẹ̀ sì tọ̀nà, ẹ lọ sí `Formulas`, `Calculation Options`. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ `Manual` ló wà níbẹ̀. F9 á mú kí ó ṣírò lẹ́ẹ̀kan, `Automatic` á yanjú rẹ̀ pátápátá. Fáìlì tí ẹ kọ́kọ́ ṣí ló máa ń gbé ètò yẹn wọlé, á sì ràn mọ́ àwọn fáìlì yòókù tí ẹ bá ṣí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ó lè má jẹ́ inú ṣíìtì ọjà yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀.